Bí ẹ bá fẹ́ jábọ̀ ilé tí ẹ gbé fún ayálégbé tó ń bọ̀: àwọn àṣìṣe tó ń ba àbọ̀ jẹ́

Kí ènìyàn tó sun oorun ọjọ́ kan nínú ilé tó gbà l'Ékòó, owó ilé, owó ejẹ́ńtì, owó àgíríméǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n á ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ ohun tó rà, àfi kí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àbọ̀ tí mò ń kà kò ràn án lọ́wọ́. "Lándílọ́ọ̀dù burúkú ni, ẹ má débẹ̀." Kí ló ṣe? Ìgbà wo ló ṣe é? Ṣé òun ló ṣe é ni, àbí ejẹ́ńtì, àbí ẹni tó ń gbé lókè ilé? Ẹni tó fẹ́ sanwó kò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀.

Ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú àbọ̀ wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé sì ni èyí ti ń hàn jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ omi tó ń jò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnìkan gbé fúláàtì oníyàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Ṣómólú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti àjà pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kó jáde, ó kọ ọ́ pé: "Òrùlé ilé náà ń jò, lándílọ́ọ̀dù kò sì tún un ṣe." Ẹlòmíràn ń gbé lókè rẹ̀, nítorí náà òrùlé kọ́ ló wà lórí pálọ̀ tirẹ̀. Balùwẹ̀ ará òkè ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka àbọ̀ yẹn á gba fúláàtì òkè ilé náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù òrùlé tí kò ní ìṣòro kankan, ẹni tó gba ti ìsàlẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó yẹ kó wò.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí omi ti ń wá, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ òrùlé, lẹ́yìn òjò nìkan ló máa ń kán, tí òjò bá sì ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ibẹ̀ á gbẹ. Bí ó bá jẹ́ páìpù tó ń gbé omi wọlé, á máa kán tọ̀sán-tòru, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú táǹkì. Bí ó bá jẹ́ omi ìdọ̀tí balùwẹ̀ òkè, ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fọ balùwẹ̀ ló máa ń kán, pàápàá ní òwúrọ̀, ó sì sábà máa ń ní òórùn. Ọ̀kan tún wà tí kì í ṣe ti òkè rárá. Ọ̀dà ògiri á máa ṣí láti ìsàlẹ̀, á ga dé orúnkún tàbí ìbàdí, ẹ ó sì rí lẹ́búlẹ́bú funfun bí iyọ̀ lójú ògiri. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ìyẹn. Kíkùn ún lọ́dà kì í wò ó sàn, bí wọ́n bá kùn ún lónìí, ó lè padà wá ní oṣù díẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ kedere, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà rí ọ̀dà tuntun kó rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé iṣẹ́ ta ni àtúnṣe náà. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi ìtọ́jú ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sọ́rùn onílé. Ó ní kí ayálégbé tọ́jú inú ibi tó ń gbé, yàtọ̀ sí ohun tó gbó fúnra rẹ̀ nítorí pé a ń lò ó. Àgíríméǹtì tí ẹ fọwọ́ sí lè tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ẹ mú un jáde, kí ẹ kà á. Àtẹ̀gùn, géètì, sókàwéè àti táǹkì tí gbogbo ilé ń pọn omi nínú rẹ̀, ti onílé ni. Ẹ̀rọ omi kíṣìnì tí ọmọ yín fà yọ kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti ka àbọ̀ tó fi ẹ̀sùn gílóòbù tó jó kan lándílọ́ọ̀dù, ìyẹn sì mú kí n ṣiyèméjì nípa gbogbo ohun yòókù tí ẹni náà kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ òótọ́.

Ohun tó kù ni ọjọ́. Àlàfo méjì ló yẹ kí ẹ kọ, ẹ má pa wọ́n pọ̀: láti ìgbà tí ẹ sọ fún onílé títí dé ìgbà tó dáhùn, àti láti ìgbà tó dáhùn títí dé ìgbà tí iṣẹ́ parí. Onílé kan lè tètè dáhùn kó má ṣe nǹkan kan. Òmíràn kì í gbé fóònù, àmọ́ ẹ ó kàn rí pulọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà ni. Ìwà méjì ni, ẹni tó ń bọ̀ sì fẹ́ mọ èyí tí òun máa bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán ránṣẹ́ lórí Wásáàpù lẹ́yìn tí ẹ bá ti pe onílé tàbí kiatékà, torí ìpè kì í fi ẹ̀rí ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀. Àbọ̀ ilé Ṣómólú yẹn ì bá wá rí báyìí:

"Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni mo gbé, láti January 2023 sí December 2024. Ní June 2024, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí pálọ̀ nígbàkigbà tí ará òkè bá ń wẹ̀. Mo sọ fún kiatékà ní ọjọ́ 3, kò ṣe nǹkan kan. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí onílé fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 9, ó dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Pulọ́ńbà wá ní ọjọ́ 14, ó pààrọ̀ páìpù balùwẹ̀ òkè, omi náà sì dáwọ́ dúró. Àjà tó ti bàjẹ́ kò rí àtúnṣe títí di August, lẹ́yìn tí mo tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Onílé ló sanwó gbogbo rẹ̀."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìyìn. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á ti mọ̀ pé kí òun gba nọ́ńbà onílé, kí òun má gbára lé kiatékà, kí òun sì máa rán an létí iṣẹ́ tí kò bá parí.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni kí a kó ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn lé onílé lórí. Iná ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Láti April 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Báǹdì Éè ti gbówó lórí, ṣe ni àwọn ènìyàn ń kọ ọ́ pé ilé wọ́n. Kì í ṣe onílé ló ń pín àdúgbò sí báǹdì, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ onílé ni mítà. Ṣé fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àbí gbogbo ilé ló ń lo ọ̀kan? Bó bá jẹ́ ọ̀kan, báwo ni wọ́n ṣe ń pín owó rẹ̀, ta ló ń gbà á, ṣé ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹni tó ní fáànù kan ń san iye kan náà? Ìjà inú ilé tó ní mítà kan ṣoṣo ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kó jáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fẹ ọ̀rọ̀ lójú.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó wọlé ní November, tó sì kọ àbọ̀ ní February pé "omi kì í wọlé", kò tí ì rí òjò. Ẹ kọ oṣù tí ẹ fi gbé ibẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ rí òjò June àti ti September níbẹ̀.

Tó bá kan owó, ẹ má kàn kọ ọ́ pé onílé náà ń fi owó kún owó ilé. Ẹ kọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, iye tó dà, oṣù mélòó ni wọ́n fi sọ fún yín ṣáájú, àti bóyá lẹ́tà ni tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin 2011 yẹn kò fàyè gba kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó kó jáde, àyàfi bí àgíríméǹtì bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n yọ Àpápá, Jí-Àà-Rèé Ìkẹjà, Ìkòyí àti Fitóríà Áílàǹdì sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí ilé yín wà kí ẹ tó kọ ọ́ pé onílé rú òfin. Owó ìtọ́jú ilé tún wà níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bóyá ẹ béèrè àkọsílẹ̀ náà, àti ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn, ló ń fi hàn bóyá onílé jẹ́ ẹni tó ṣeé bá lò.

Ẹ má sì fi apá tiyín pamọ́. Bí ẹ bá jẹ owó ilé oṣù mẹ́ta nígbà tí onílé kọ̀ láti tún pọ́ǹpù ṣe, ẹ kọ méjèèjì. Bó bá ní ìdí tó sọ fún yín, ẹ fi sí i, kódà bí ìdí náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Èébú àti orúkọ burúkú lè sọ yín di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. "Olè" jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn, ẹ ó sì nílò ẹ̀rí rẹ̀ bí wọ́n bá gbé yín lọ sílé ẹjọ́ fún ìbanilórúkọjẹ́. "Mo kó jáde ní December, mo béèrè owó kọ́ṣọ̀n mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì tí ì dá a padà ní April" le ju "olè" lọ, ó sì ní ẹ̀rí lórí fóònù yín. Nọ́ńbà fóònù onílé, ìjọ tó ń lọ àti ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yà rẹ̀ náà kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló béèrè ẹ̀yà yín kó tó gbà kí ẹ wo ilé, ohun tó sọ gan-an ni kí ẹ kọ, torí ẹni tó ń bọ̀ á fẹ́ mọ̀ kó tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìgbà tí ẹ kọ ọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tó ṣì ń gbé inú ilé máa ń bẹ̀rù, á yin onílé kọjá bó ṣe yẹ. Ẹni tó kó jáde lánàá, inú ṣì ń bí i. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ọ̀rọ̀ owó kọ́ṣọ̀n yanjú kí ẹ tó gbé àbọ̀ náà síta. Bí kò bá yanjú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ gbé e síta pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Bí onílé bá dá owó náà padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ fi iye tó dá padà àti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín kún un, kí ẹ má sì pa ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́.