Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Rí Ara Wọn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí KDE Connect, áàpù tó ń so fóònù pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kò bá rí kọ̀ǹpútà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò, kí wọ́n sì tún un gbé sórí fóònù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lórí wáifáì ilé tó ń gbé, fóònù rẹ̀ sì ń lo dátà síìmù. Wọn ò lè rí ara wọn láéláé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Wáifáì òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ọgbà ilé-ìwé náà lè dínà láàárín ẹ̀rọ méjì tó wà lórí rẹ̀, bí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ ń sáré. Kí ó tan họ́tíspọ́ọ̀tì fóònù rẹ̀, kí ó sì so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín àwọn méjèèjì kì í jẹ dátà. Windows tó ń fi dátà gba àtúnṣe sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni kí ó ṣọ́, kí ó tan Metered connection fún un.

Bí wọn ò bá tíì rí ara wọn, ó ṣeé ṣe kí Windows ti ka họ́tíspọ́ọ̀tì náà sí Public. Kí ó yí i sí Private. Ẹni tó ń lo Línúọ́ọ̀sì tó ní ufw yóò ṣílẹ̀kùn báyìí:

```
sudo ufw allow 1714:1764/udp
sudo ufw allow 1714:1764/tcp
```

Àṣìṣe kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ́pì. Èyí tí ẹ bá kọ́pì lórí kọ̀ǹpútà máa ń dé orí fóònù fúnra rẹ̀. Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀: láti Android 10, ti ọdún 2019, áàpù tí kò sí lójú kò lè ka ohun tí ẹ kọ́pì mọ́. Ẹ ní láti tẹ Send clipboard nínú ìfitónilétí KDE Connect. Àwọn kan ti pa ìfitónilétí yẹn nítorí pé ó ń dí wọn lójú, wọ́n wá ń bínú pé kọ́pì kò lọ.

Ní ti ìdáhùn, atẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ bá kọ látorí kọ̀ǹpútà, síìmù yín ló ń gbé e jáde, owó yín ló sì ń jẹ. Ti WhatsApp, inú ìfitónilétí nìkan lẹ ti lè dá a lóhùn. Bí ẹ bá ti nù ún kúrò lórí fóònù, ó tán nìyẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí èèyàn so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, bí irú àwọn tó wà ní Ọ̀láìyá, láti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún wọ wáifáì ṣọ́ọ̀bù náà, nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì ń fi ránṣẹ́ yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ tẹ Unpair kí ẹ tó dìde níbẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ wọ Notification sync nínú KDE Connect orí fóònù, kí ẹ yọ áàpù báńkì kúrò nínú rẹ̀.