Bí Íméèlì Kò Bá Dún Lórí Fóònù Yín Mọ́: Bí A Ṣe Ń Jí Áàpù Tí Fóònù Fi Sùn

Àbúrò mi kan ń retí lẹ́tà ìpè síbi iṣẹ́. Aago 9 àárọ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kò dún. Nígbà tó ṣí áàpù íméèlì ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà 7 ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ ń bú, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Fóònù ló ń ṣọ́ bátìrì, ó sì ti fi áàpù náà sùn.

Láti Android 6, tó jáde ní 2015, ni fóònù ti ń sùn báyìí. Bí kò bá sí lẹ́nu ṣájà, tí iná ojú rẹ̀ kú, tó sì wà lójú kan láìmira, á gba dátà lọ́wọ́ àwọn áàpù. Á kàn máa jí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè rí dátà lò, bí oorun bá sì ṣe ń wọra tó ni jíjí náà ń jìnnà síra. Gmail máa ń gba ọ̀nà tí Google là fún jíjí fóònù. Àwọn áàpù tó ń lọ kó lẹ́tà fúnra wọn, irú K-9 Mail àti FairEmail, ni ìyà yìí ń jẹ jù. Láti Android 9 ní 2018, áàpù tí ẹ kì í sábà ṣí tún ń rí àyè tó kéré sí ti àwọn yòókù. Ẹni tó ń dúró de ohùn fóònù kó tó ṣí íméèlì gan-an ló wá ń pàdánù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dán an wò. Ẹ yọ ṣájà, torí fóònù tó ń gba iná kì í sùn, ẹ ó kàn rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ pa iná ojú rẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì fún wákàtí 1, kí ẹ wá fi àdírẹ́sì mìíràn kọ lẹ́tà sí ara yín. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tan ojú fóònù tàbí tí ẹ ṣí áàpù ni lẹ́tà tó wọlé, oorun ni. Bí lẹ́tà bá ti wà nínú áàpù tẹ́lẹ̀ tí kò kàn dún, ẹ yẹ Notifications wò, kì í ṣe bátìrì. Nínú Gmail, High priority only máa ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́tà lẹ́nu mọ́. All ni kí ẹ yàn.

Bó bá jẹ́ oorun, ẹ tẹ àmì áàpù náà mọ́lẹ̀ títí App info yóò fi yọ. Ẹ wọ ibi Battery, ẹ mú un kúrò ní Optimized tàbí Restricted, ẹ gbé e sí Unrestricted. Orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí fóònù tiyín. Nínú App info yẹn kan náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mobile data sí, kí Background data wà ní títàn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tan Data Saver torí owó dátà. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ fún áàpù íméèlì nìkan ní Unrestricted data usage, kí ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà.

Lórí Samsung, ìlẹ̀kùn kan ṣì kù. Ẹ lọ sí Settings, Battery, Background usage limits. Áàpù tó bá wà nínú Deep sleeping apps kì í ṣiṣẹ́ rárá àfi bí ẹ bá ṣí i. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, ẹ fi í sínú Never sleeping apps. Lórí Xiaomi, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Autostart sí, kí ẹ tàn án fún áàpù íméèlì.

Ẹ má fún gbogbo áàpù ní Unrestricted o, bátìrì kò ní pẹ́ kú. Ẹ má sì tẹ Force stop fún áàpù íméèlì, torí kò ní gba nǹkan kan títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín ṣí i.

Nígbà tí mo wo fóònù àbúrò mi, Restricted ni mo bá. Ó rántí pé ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, fóònù bi í bóyá kí ó dín áàpù tó ń jẹ bátìrì kù, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìka ohun tí wọ́n kọ. A yí i padà, a gbé fóònù sílẹ̀ fún wákàtí 1, mo kọ lẹ́tà sí i láti orí fóònù tèmi. Ọwọ́ mi kò tíì kúrò níbi tí mo tẹ̀ tí tirẹ̀ fi dún lórí tábìlì.