Má fi gbogbo Kelly ta tẹ́tẹ́ tí o kàn fojú bu ìṣeéṣe rẹ̀

Ìlànà tí John L. Kelly gbé jáde ní 1956, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ló ń sọ iye tó yẹ kéèyàn fi ta tẹ́tẹ́ kan kí owó rẹ̀ lè yára pọ̀ jù lọ bó bá pẹ́:

```
f = (b*p - q) / b
```

f ni ìdá gbogbo owó wa tó yẹ kí a fi ta, p ni ìṣeéṣe pé a ó jẹ, q ni ìṣeéṣe pé a ó pàdánù, b sì ni èrè lórí owó kọ̀ọ̀kan tí a fi ta. Má fi ọ́ọ̀dì sípò b. Ọ́ọ̀dì 2.50 ti ka owó tí o fi ta mọ́ ọn, nítorí náà 1.50 ni b.

Ká ní o gbà pé p jẹ́ 0.44. 1.50 lọ́nà 0.44 jẹ́ 0.66. Yọ 0.56 kúrò, ó ku 0.10. Pín in sí 1.50, ó di 6.7% gbogbo owó rẹ. Ẹni tó fi 2.50 ṣe b yóò rí 21.6%, ìyẹn sì burú jáì.

Àṣìṣe tó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn ka 0.44 yẹn sí òtítọ́, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn fojú bù ú ni. Bó bá jẹ́ 0.41 gan-an ni ńkọ́? Èrè ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ 1.67% ni Kelly ìbá ní kí o fi ta. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lò ń ta. Ta á nígbà 1000, kí o jẹ 410: owó tó jẹ́ 100 yóò ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 20. Ọ̀dọ̀ rẹ ni àǹfààní wà, síbẹ̀ owó ń tán.

Ẹni tó fi ìdámẹ́rin Kelly ta, ìyẹn 1.67%, yóò ní nǹkan bí 123 nínú eré kan náà. Bí 0.44 bá sì jóòótọ́, owó rẹ̀ yóò kàn rọra pọ̀ ni. Ìlàjì Kelly ń mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdàgbàsókè náà wá, ìlọsókè-sódò owó á sì dín kù sí ìlàjì. Mo fara mọ́ ìdámẹ́rin fún ẹni tó ń fojú bu ìṣeéṣe fúnra rẹ̀, torí àṣìṣe wa kì í pín dọ́gba: ibi tí a ti bu p ga jù la ti máa ń rò pé a rí èrè, ibẹ̀ náà la sì ń ta.

Má sì rò pé àkọsílẹ̀ 100 tẹ́tẹ́ ti tó láti fi mọ òótọ́. Oríire nìkan lè fi nǹkan bí 5 gbé iye tí o jẹ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 3 péré ló wà láàárín 44 àti 41. Bí p bá sì wà nísàlẹ̀ 0.40 lórí ọ́ọ̀dì yìí, ìdámẹ́rin Kelly pàápàá yóò pàdánù, kò kàn ní yára ni.