Bí hóró fíìmù ọdún 1970 ṣe jókòó sára fọ́tò Ojúde Ọba

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n ṣe fọ́tò regbẹ́regbẹ́ wọn, tí mo yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó jọ ti ayé ọdún 1970. Hóró, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó máa ń wà lára fọ́tò fíìmù, tí mo fi sí i nínú GIMP, ètò ìṣàtúnṣe fọ́tò, wá dà bí yanrìn lórí agbádá funfun.

Hóró fíìmù kì í hàn dọ́gba. Ibi tí kò mọ́ jù, tí kò ṣókùnkùn jù, ló ti ń hàn. Ara funfun báláú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní. Mo wá fi ìpele tuntun aláwọ̀ eérú `808080` lé fọ́tò náà, mo lo `RGB Noise` lórí rẹ̀, mo sì fi `Gaussian Blur` 0.6 rọ̀ ọ́. Mo yí `Mode` sí `Overlay`, mo dín `Opacity` kù sí 35. `Overlay` kì í fọwọ́ kan funfun gan-an, nítorí náà agbádá mọ́, hóró sì wà lára ẹṣin.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó pọ́n, mo ní rárá: dáì tó ti ṣá ló ń mú fọ́tò àtijọ́ pọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú `Curves`, mo kàn gbé dúdú sókè díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dín ìwọ̀n fọ́tò kù kí ẹ tó fi hóró sí i; bí ẹ bá dín in kù lẹ́yìn tí ẹ ti fi hóró sí i, hóró á parẹ́.