Bí ọmọ bá ki ìlẹ̀kẹ̀ sí imú

Ẹ̀yin òbí wa ní Àkúrẹ́, ẹ má fi ìka tàbí píìnì tọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó há sí ọmọ nímú. Ó ń yọ̀, ẹ ó kàn máa tì í wọlé sí i ni, ó sì lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Kí ìyá rẹ̀ fi ẹnu bo ẹnu ọmọ náà dáadáa, kó fi ìka dí ihò imú kejì, kó wá fẹ́ atẹ́gùn kúkúrú kan sí i. Atẹ́gùn yẹn á gba ẹ̀yìn imú ti ìlẹ̀kẹ̀ síta. Bí kò bá jáde, ó di ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ọmọ tí kò sọ ńkọ́? Ikun tó ń rùn láti ihò imú kan ṣoṣo ni ẹ ó fi mọ̀. Ọ̀fìnkìn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì aago ni kò gba ìdúró rárá, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, torí ó ń jó inú imú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀pà tó wọ ọ̀nà èémí tún yàtọ̀: ọmọ á ṣàdédé wúkọ́ níbi tó ti ń jẹun, á dákẹ́, á tún máa ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́ yẹn tàn yín, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó bá ń rẹ́rìn-ín.