Bí mo ṣe mọ ìyàtọ̀ olú ìlú àti ibùjókòó ìjọba: Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu

Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi ní Òkè-Àró níbí l'Ákùúrẹ́ ni mo ń kọ ìbéèrè kúìsì fún, lórí olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, mo ti kọ Kùtọnu sí iwájú Bìnẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń rajà lọ́hùn-ún tó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àbúrò, Àjàṣẹ́ ni olú ìlú wọn o."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Kùtọnu ni ààrẹ wọn ń gbé?"

"Ibẹ̀ náà ni, àmọ́ ìyẹn ò sọ ọ́ di olú ìlú."

Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, torí ohun tí mo bá kọ́ ọmọ ló máa gbé lọ. Mo wa ìwé òfin wọn tọdún 1990 jáde lórí fóònù, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, mo kàn tẹ `capitale` síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ó sì gbé mi lọ sí abala kìíní gan-an: Porto-Novo, ìyẹn Àjàṣẹ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ Kùtọnu ò sí níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ibi tí iṣẹ́ ìjọba ti ń lọ, torí ìwé òfin ò sọ ibi tí ọ́físì ààrẹ máa wà. Mo fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé: ààrẹ, aṣòfin, kóòtù. Ààfin ààrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Marina, Kùtọnu ló wà, kóòtù tó ń rí sí ìwé òfin náà wà níbẹ̀, àmọ́ ilé aṣòfin wà l'Ájàṣẹ́. Ẹ wò ó, ìjọba kan náà, ìlú méjì. Ẹ́ḿbásì Nàìjíríà pàápàá, Kùtọnu ló wà, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń ṣì í, ó rí ẹ́ḿbásì, ó rí pápákọ̀ òfurufú, ó ní olú ìlú nìyẹn.

Àjàṣẹ́ làwọn Faransé fi ṣe olú ìlú nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Dàhòmì, ìyẹn orúkọ tí Bìnẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀bá ọ̀sà ló wà, ọkọ̀ òkun ńlá ò lè débẹ̀, Kùtọnu ló wà létí òkun, bí ebúté ṣe fa òwò lọ síbẹ̀ nìyẹn, ọ́físì náà sì tẹ̀ lé e. Orúkọ olú ìlú ò kúrò l'Ájàṣẹ́ ṣá. (Bí àwọn ará ìta ṣe máa ń rò pé Oǹdó ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn, Àkúrẹ́ sì ni látọdún 1976.)

Gúúsù Áfíríkà ló wá fún mi níṣẹ́. Ìwé òfin wọn tọdún 1996 ò pe ìlú kankan ní olú ìlú, ibi tí ilé aṣòfin máa jókòó nìkan ló dárúkọ, Kéèpù Táùn, bẹ́ẹ̀ Pìrìtóríà ni ọ́físì ààrẹ wà. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìbéèrè onídàáhùn kan.

Ti Bìnẹ̀ wá di méjì: "Ìlú wo ni ìwé òfin Bìnẹ̀ pè ní olú ìlú?" àti "Ìlú wo ni ààfin ààrẹ wọn wà?"