BMI nìkan kò tó láti mọ ẹni tó sanra jù

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ mọ BMI yín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga, ẹ sọ gíga yín ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ sì fi èsì náà pín ìwọ̀n yín ní kílò. Fún àgbàlagbà, wọ́n ka 18.5 sí 24.9 sí déédéé, wọ́n sì ka 30 sókè sí sísanra jọ̀kọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin kan tó ti ń gbé irin láti ọjọ́ pípẹ́, tó ga ní mítà 1.75, tó sì wọn kílò 95. 1.75 lọ́nà 1.75 jẹ́ 3.06, bí a bá fi pín 95, a ó rí 31. Ìṣirò náà pè é ní ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan ló pọ̀ lára rẹ̀, nítorí pé òṣùwọ̀n kò lè ya iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá.

Òdìkejì rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù: ẹni tó ga bákan náà, tó wọn kílò 73, yóò rí 23.8, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀, nígbà tí ikùn rẹ̀ ti yọ, tí ọ̀rá sì ti yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ ká, èyí tó lè fa ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn.

Nítorí náà, ẹ mú téèpù àwọn télọ̀, ẹ mí síta, kí ẹ sì wọn ikùn yín yíká láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín. Fún àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 87.5.